Ibùsọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Ìdí Tí Gbígbé Ètò Wọlé Fi Ń Dúró Nígbà Tí Àyè Ṣì Wà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows máa ń sọ, tí ó sì máa ń dà bí irọ́ lójú ẹni tí ó bá kà á: `There is not enough space on the disk`. Nọ́ḿbà àṣìṣe náà ni 112. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò lọ́jú rárá: kò sí àyè mọ́. Ṣùgbọ́n bí olùlò bá yẹ ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, yóò rí i pé àyè wà, pàápàá ní ibi tí òun gan-an ní kí ètò náà máa gbé. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà pé fáìlì tí àwọn gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó bàjẹ́, wọn a sì tún un gbà, wọn a tún ná owó dátà lé owó dátà. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Ibi kẹta kan ni àyè ti tán, ibi tí wọn kò yẹ̀ wò nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gbígbé ètò wọlé nílò àyè ní ibi mẹ́ta. Èkíní ni ibi tí fáìlì agbétòwọlé wà, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí a di gbogbo ẹrù ètò náà pọ̀ sí. Èkejì ni ibi tí ètò náà yóò máa gbé títí lọ. Ẹ̀kẹta, tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ni ibi tí agbétòwọlé ti ń tú ẹrù náà sílẹ̀ kí ó tó pín in sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Awoyaya, ní ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, yóò mọ irú rẹ̀. Típà kì í gbé yanrìn dé ibi tí bíríkìlà ti ń lò ó. Iwájú ilé ni ó ń da yanrìn sí, ibẹ̀ ni àwọn lébìrà sì ti ń bù ú wọlé. Bí iwájú ilé bá há, típà kò ní lè já ẹrù rẹ̀, bí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé náà tilẹ̀ fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Orúkọ ibi kẹta yìí gba àlàyé díẹ̀, nítorí orúkọ tí wọ́n máa ń fún un wà lára ohun tí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. A lè pè é ní fódà onígbà-díẹ̀. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí nǹkan ń lò níbẹ̀ nìkan ni ó sọ. Kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ “onígbà-díẹ̀” yóò rò pé ohun kékeré ni, tí kò gba àyè. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibùsọ̀. Ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó tún gbé e ni ibùsọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi pe ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, tí wọ́n sì tún fi wọn jíjìn ọ̀nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ “fódà ibùsọ̀” yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ibùsọ̀ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ẹrù tí wọ́n bá sọ̀ síbẹ̀. Fódà ibùsọ̀ ni àlàyé yìí yóò máa lò.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Awoyaya ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Díráìfù C rẹ̀, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ wà, jẹ́ gígábáìtì 58, 3.1 péré ni ó ṣófo níbẹ̀. Nítorí èyí ni ó ṣe fi díráìfù kejì kún un, tí kọ̀ǹpútà ń pè ní D, tí gígábáìtì 88 sì ṣófo lórí rẹ̀. Agbétòwọlé tí ó gbà jẹ́ 2.4, orí D ni ó sì fi í pamọ́ sí. Nígbà tí agbétòwọlé bi í léèrè ibi tí kí ètò máa gbé, D náà ni ó yàn. Ó dá a lójú pé òun kò fi ọwọ́ kan C rárá. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ kọjá ìdajì díẹ̀, ó dúró, ó sì sọ pé kò sí àyè. Ìdí ni pé ẹrù tí a dì sí 2.4 máa ń di 5.6 bí a bá tú u, inú fódà ibùsọ̀ ni wọ́n sì ń tú u sí. Bí ènìyàn kò bá tíì yí i padà, orí C ni fódà yìí wà, nínú `AppData\Local\Temp` tí ó wà lábẹ́ orúkọ olùlò. Ẹrù 5.6 kò lè wọ àyè 3.1. Yíyan D fún ètò kò yí ibùsọ̀ padà, nítorí ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹyọ kan nínú wọn ni agbétòwọlé sì ń béèrè.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro í mọ̀ ni pé ẹ̀rí rẹ̀ kì í dúró. Bí agbétòwọlé bá ti kùnà, púpọ̀ nínú wọn máa ń gbá ibùsọ̀ mọ́ kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí olùkọ́ yóò fi ṣí C wò, àyè ti padà sí 3.1 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó wò ó. Kí ó ṣí `This PC` sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì máa tún un ṣí pẹ̀lú bọ́tìnì `F5`. Bí àyè C bá ń lọ sílẹ̀ láti 3.1 sí 2, sí 1, títí tí yóò fi súnmọ́ òdo kí iṣẹ́ tó dúró, ibùsọ̀ ni ó há. Bí àyè C kò bá yí padà tí iṣẹ́ sì dúró, kí ó wá ìdí mìíràn.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni láti yí ibùsọ̀ padà fún ìgbà kan ṣoṣo yìí. Olùlò yóò wá `Command Prompt`, yóò tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lé e, yóò sì yan `Run as administrator`. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ìwọ̀nyí:

```
md D:\Ibuso
set TMP=D:\Ibuso
set TEMP=D:\Ibuso
D:\eru\setup.exe
```

Ìlà kìíní ń dá fódà tuntun sílẹ̀. Ìlà kejì àti ẹ̀kẹta ń sọ ibi tí ibùsọ̀ wà. Èyí tí ó kẹ́yìn ń pe agbétòwọlé. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni olùlò yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kò yẹ kí ó fo `Run as administrator`. Bí ó bá pe agbétòwọlé láti ojú fèrèsé lásán, tí Windows sì wá béèrè àṣẹ alábòójútó, inú àyíká mìíràn ni agbétòwọlé yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ìlà kejì àti ẹ̀kẹta sọ. Bí olùlò bá ti ti fèrèsé náà, ohun gbogbo padà sí bí ó ti wà.

Ẹni tí C rẹ̀ kéré títí ayé, bíi ti olùkọ́ yìí, lè fẹ́ kí ìyípadà náà dúró. Kí ó tẹ `Edit environment variables for your account` sínú àpótí ìwákiri. Níbẹ̀ ni yóò ti rí `TEMP` àti `TMP` lábẹ́ `User variables`, tí yóò sì yí àwọn méjèèjì padà sí `D:\Ibuso`. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọn a yí `TEMP` nìkan, nítorí pé òun ni orúkọ rẹ̀ pé. Àmọ́ nígbà tí ètò bá bi Windows léèrè ibùsọ̀, `TMP` ni Windows ń kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí ni ó tó wo `TEMP`. Ẹni tí ó bá yí `TEMP` nìkan kò tíì yí ibùsọ̀ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń lò padà. Lẹ́yìn èyí, kí ó jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ kí ó sì tún wọlé, nítorí ètò tí ó ti ṣí tẹ́lẹ̀ ṣì ń rántí ibùsọ̀ àtijọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó mìíràn ni wọ́n fi gbé ètò wọlé, ibùsọ̀ alábòójútó náà ni yóò lò, kì í ṣe ti olùkọ́.

Ìyípadà yìí ní ààlà. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí Windows ń ṣe lórúkọ ara rẹ̀, tí wọ́n ń lo `C:\Windows\Temp` tàbí `C:\Windows\SystemTemp`. Ohun tí olùlò yí padà lábẹ́ `User variables` kò kàn wọ́n. Ó dára kí àyè díẹ̀ máa ṣófo lórí C nígbà gbogbo. Bí D bá sì jẹ́ ohun tí a lè yọ, bíi fláàṣì tàbí káàdì, ewu mìíràn wà. Windows kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fódà tí wọ́n dárúkọ fún un ṣì wà. Bí wọ́n bá ti yọ fláàṣì, agbétòwọlé yóò lọ sí ibùsọ̀ tí kò sí mọ́, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì lè sọ ni `Error writing temporary file. Make sure your temp folder is valid.` Fláàṣì tí a ṣètò sí `FAT32` kò sì lè gba fáìlì kan tí ó bá tó gígábáìtì 4, bí ó ti wù kí àyè pọ̀ tó lórí rẹ̀.

Àwọn tí ń kọ Yorùbá tún ní ọ̀ràn tiwọn. Orúkọ olùlò wà nínú ọ̀nà tí ó lọ sí fódà ibùsọ̀. Bí ẹnìkan bá kọ orúkọ àkáǹtì rẹ̀ ní Ṣọlá, pẹ̀lú àmì sórí àti sísàlẹ̀ bí ó ti tọ́, àwọn agbétòwọlé àtijọ́ kan kò lè ka ọ̀nà náà, wọn a sì kùnà bí àyè tilẹ̀ kún ilẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ `Ibuso` lókè láìsí àmì kankan. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá gbé ibùsọ̀ lọ síbẹ̀, àìsàn yìí náà lọ.

Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí agbétòwọlé ń ṣiṣẹ́, tí bátírì kò sì gbé e, kò sí ẹni tí yóò gbá ibùsọ̀ mọ́. Ẹrù tí a tú kù yóò wà níbẹ̀, èyí tí ó bá tẹ̀lé e yóò sì bá ibùsọ̀ tí ó ti há pàdé. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á rẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn agbétòwọlé kan máa ń fi ohun tí yóò parí iṣẹ́ wọn sí ibùsọ̀ títí di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tan.

Lórí Linux, orúkọ ibùsọ̀ ni `/tmp`. Láti ìgbà tí Debian 13 ti jáde ní ọdún 2025, inú ìrántí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe orí díráìfù, ni ètò náà ń fi í sí bí ènìyàn kò bá yí i padà, kò sì lè kọjá ìdajì ìrántí náà. Kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4 yóò ní ibùsọ̀ tí kò ju 2 lọ, bí díráìfù rẹ̀ tilẹ̀ tóbi tó 500. Ohun tí yóò sọ ni `No space left on device`. Àṣẹ `df -h /tmp` ni yóò fi iye àyè ibùsọ̀ gan-an hàn, orúkọ tí a ó sì fi yí i padà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ètò ni `TMPDIR`.