Páálí Mẹ́wàá Níbi Tí Mẹ́sàn-án Wà

Pálẹ́ẹ̀tì ni pẹpẹ onígi tí wọ́n ń to páálí ọjà lé, kí fọ́kílíìfù lè ki irin rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, kó gbé gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n mẹ́fà ni àjọ ISO fọwọ́ sí káàkiri ayé. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 80. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ínǹṣì 48 sí 40. Òmíràn tún wà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 sí 100. Òun la ó yẹ̀ wò.

Ká ní páálí wa gùn ní 40, ó fẹ̀ ní 30. Bí a bá kọ gígùn gbogbo wọn sí gígùn pálẹ́ẹ̀tì, ìlà mẹ́ta, mẹ́ta-mẹ́ta, ni yóò gbà: mẹ́sàn-án, sẹ̀ǹtímítà 10 á sì ṣófo létí. Bí a bá yí gbogbo wọn padà, ìlà méjì, mẹ́rin-mẹ́rin: mẹ́jọ péré. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí wọ́n má kọjú síbì kan náà. Ẹ to ìlà kan mẹ́rin ní ìbú, kí ẹ to ìlà méjì mẹ́ta-mẹ́ta ní òró. Ìlà àkọ́kọ́ á gba 40 nínú ìfẹ̀ 100, àwọn méjì yòókù á gba 30, 30. Ó pé géérégé: páálí mẹ́wàá, kò sí àlàfo.

Ẹ to ìyẹn ní ìpele mẹ́fà, ó di 60 dípò 54. Lórí pálẹ́ẹ̀tì 20, ó di 1,200. Ẹni tó ń to mẹ́sàn-án yóò wá pálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí i kó tó kó iye yẹn.

Ìpele kejì ló gba ìrònú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára páálí wà. Àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tètè ń tẹ̀. Bí igun bá jókòó lé igun látìsàlẹ̀ dókè, ó ń gbé ẹrù dáadáa, ṣùgbọ́n òpó kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì lè ya lójú ọ̀nà. Bí a bá yí ìpele kejì, tí ìlà onímẹ́rin bọ́ sí òdìkejì, àwọn páálí á di ara wọn mú, àmọ́ igun ọ̀pọ̀ á bọ́ sórí ibi tó rọ̀. Ẹ máa wo páálí ìsàlẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú, tí igun rẹ̀ hun jọ, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fún bísíkíìtì, tí kò lè gbé ara rẹ̀, èmi á to igun lé igun, màá yí ìpele tó kẹ́yìn nìkan, màá sì fi náílọ́nù wé e látorí igi pálẹ́ẹ̀tì lọ sókè. Tòmátò inú agolo kò ní wàhálà yẹn, nítorí agolo fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹrù.

Bí páálí bá wá gùn ní 42 ńkọ́? Mẹ́ta á di 126 lórí igi 120, ìfẹ̀ náà á di 102. Igun á rọ̀ sójú òfuurufú, agbára tí a ń wá á sì lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fún àwọn tó ń ṣe páálí níṣẹ́, ẹ di ọjà sínú ọ̀kan, kí ẹ wá wọn ẹ̀yìn rẹ̀ níta, torí páálí tó kún máa ń wú ju òfìfo lọ.