Olùwà Gbólóhùn Nínú Ẹ̀bẹ̀: Bí Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Ń Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Oníbàárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bẹ̀ láwùjọ Yorùbá, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ohùn ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó má sì tíì bẹ̀bẹ̀ rárá. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé inú gbólóhùn gan-an ni a ti ń dá ẹ̀bẹ̀ òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àwáwí, pàápàá níbi tí olùwà wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan gbé léèsì fún télọ̀ láti fi rán ìró àti bùbá tí yóò wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ náà gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé iwájú bùbá, ó sì jó o lu. Nígbà tí obìnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́, télọ̀ ní:

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bùbá yín ló jó díẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn. Ẹ má bínú, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.”

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ inú obìnrin náà yóò túbọ̀ ru ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lákọ̀ọ́kọ́, “ẹ pẹ̀lẹ́” ni à ń kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, bí a kò tilẹ̀ mọ ohunkóhun nípa òkúta tí ó kọ. Ìbánikẹ́dùn ni, kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe “jó”. Ó lè gba àbọ̀, ó sì lè má gbà á: “mo jó aṣọ”, “aṣọ jó”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ya” àti “fọ́”. “Bàjẹ́” pàápàá, a lè là á sí méjì: “mo ba aṣọ jẹ́”, “aṣọ bàjẹ́”. Nígbà tí télọ̀ yan “bùbá yín ló jó”, aṣọ ló di olùwà, bí ẹni pé ó dá ara rẹ̀ jó. “Ẹ má bínú” sì gbé iṣẹ́ lé obìnrin náà lọ́wọ́, pé kí ó pa ìbínú rẹ̀ mọ́ra, kí télọ̀ tó sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ti “wọn ò mọ̀ọ́mọ̀”, ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò fi kàn wọ́n ló ń dáhùn.

Kí ni kí télọ̀ wá sọ, nígbà tí kì í ṣe ọwọ́ òun ni áyọ́ọ̀nù wà? Kò gbọdọ̀ parọ́ pé òun ló jó o. Ó lè sọ báyìí:

“Mà, a ti ba bùbá yín jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. A gbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù lé e, a sì jó o lu níwájú àyà. Èmi ni mo gba aṣọ lọ́wọ́ yín, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ibi ìgbéyàwó ọmọ yín lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ lọ́túnla. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. N óò san owó léèsì náà. Bí ẹ bá sì fẹ́, n óò wá irú rẹ̀ lọ́jà láàárọ̀ ọ̀la, n óò rán an kí ilẹ̀ tó ṣú.”

“A” yìí yàtọ̀ sí “wọ́n”. “Wọ́n” yọ télọ̀ kúrò nínú ọ̀ràn. “A” kó òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, “èmi ni mo jẹ̀bi”, wá fi ẹ̀bi sí ibi tí ó yẹ. Ó tún dárúkọ ohun tí obìnrin náà pàdánù, èyí tí ó ju aṣọ lọ. Ọ̀rọ̀ owó kẹ́yìn nítorí pé bí owó bá ṣáájú, yóò dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi owó pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí kò sọ pé àlàyé jẹ́ èèwọ̀. Bí obìnrin náà bá béèrè pé, “Báwo ló ṣe jẹ́?”, télọ̀ lè ṣàlàyé ní ṣókí. Àlàyé tí a kò béèrè ni ó máa ń di àwáwí.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí láàárín aládùúgbò. “Ewúrẹ́ mi jẹ ẹ̀fọ́ yín” ṣì ń di ẹ̀bi ru ewúrẹ́. “Mi ò so ewúrẹ́ mi, ó sì jẹ ẹ̀fọ́ yín” ni ó sọ ohun tí olówó ewúrẹ́ kò ṣe. “Bí mo bá ṣẹ̀ yín” burú jù, nítorí “bí” yìí ń ṣiyèméjì pé bóyá ni ẹ̀fọ́ tilẹ̀ run.

Ìdáhùn ni a fi ń mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ dé. “Ó ti tán” jẹ́ ìdáríjì. “Mo ti gbọ́” kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ wọ etí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i. Bí obìnrin náà bá sọ èyí, kí télọ̀ má ṣe bi í pé ṣé ó ti foríjì òun. Kí ó gba àpẹẹrẹ léèsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì múra ọjà ọ̀la.