Èló Ni Yóò Bá A Lọ Bí Ọjà Bá Kọ̀?

Ní ìparí ọdún 1983, ìpolówó kan jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn ńlá ní Amẹ́ríkà. Richard Dennis, oníṣòwò ìlú Ṣikágò tó fi owó yíyá tí kò tó 2,000 dọ́là bẹ̀rẹ̀ tó sì di olówó rẹpẹtẹ, ń wá àwọn tí yóò kọ́ ní òwò. Àríyànjiyàn ló bí ọ̀rọ̀ náà. Dennis gbà pé èèyàn lè kọ́ ọjà ní kíkọ́ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò, William Eckhardt, ní rárá, ẹ̀bùn àbímọ́ni ni. Wọ́n fi tẹ́tẹ́ sí i. Àwọn tí wọ́n mú gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré, lẹ́yìn náà ni Dennis gbé owó ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn Ìjàpá ló pè wọ́n, nítorí ọgbà ìsìn ìjàpá kan tó ti rí ní Síńgápọ̀.

Wọ́n kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n rà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tà, ìyẹn ni àwọn èèyàn sì ń sọ jù nípa wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n kí Ìjàpá kan tó ra ohunkóhun, ìṣirò kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: bí ọjà yìí bá kọ̀, èló ni yóò bá a lọ nínú ojú owó mi? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń sọ iye tí yóò rà. Bí ọjà náà ṣe dá a lójú tó kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Ká ní oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní 500,000 náírà tó fẹ́ fi ra ìpín ìdókòwò. Ó ti pinnu pé òwò kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ mú ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó òun lọ, ìyẹn 10,000 náírà. Ìpín tó wù ú wà ní 40 náírà. Ó wo bí iye rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò láti oṣù mélòó kan, ó sì rí i pé bí ó bá já sí 36 náírà, a jẹ́ pé èrò òun kò tọ́, ibẹ̀ ni òun yóò ti tà á kí òun jáde. Ẹ jẹ́ ká pe 36 náírà yẹn ní ojú ìjáde. Láti 40 sí 36 jẹ́ náírà mẹ́rin. Náírà mẹ́rin ni ìpín kọ̀ọ̀kan lè gbé lọ. Tó bá pín 10,000 sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò rí 2,500. Ìpín 2,500 ni yóò rà, owó rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà. Owó alágbàtà àti owó ìjọba yóò wá lé e díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́n yóò rà díẹ̀ sí i kéré sí ìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí pé kí èèyàn fi 10,000 náírà péré ra ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ ló ná sórí ìpín yìí. Ohun tó fi wewu ni 10,000. Owó tí a ná àti owó tó lè sọnù kì í ṣe ọ̀kan náà, ojú ìjáde ló la àárín wọn.

Bí ojú ìjáde bá wá sún mọ́ iye tí a fi rà, ohun tí a lè rà yóò pọ̀ sí i. Ká ní 38 náírà ló yàn, yóò ra 5,000. Ká ní 39 náírà àti 50 kọ́bọ̀ ló yàn, ìṣirò yóò ní kó ra 20,000, owó rẹ̀ sì jẹ́ 800,000 náírà, tó ju gbogbo ohun tó ní lọ. Ọ̀dọ́ tó bá rí èyí lè rò pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá. Àmọ́ ìpín tó ń gbéra tó sì ń já sílẹ̀ ní náírà kan lójúmọ́ yóò kan 39 náírà àti 50 kọ́bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, láìjẹ́ pé ohun kan ṣe ilé iṣẹ́ náà. Yóò tà, yóò pàdánù, ọjà yóò sì tún gòkè lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn Ìjàpá kì í fi ojú lásán yan ojú ìjáde. Wọ́n máa ń ṣírò bí ọjà kan ti ń rìn tó lójúmọ́, kí wọ́n wá wá ìdọ́gba rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọjọ́. N ni wọ́n pe iye yìí. Ojú ìjáde wọn máa ń jìnnà tó ìlọ́po méjì N sí ibi tí wọ́n ti rà, kí ìrìn ojoojúmọ́ má baà lé wọn jáde. Ẹ wo bó ṣe rí lórí epo tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mú ilé móoru. Àdéhùn ọjà kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù 42,000. Bí N bá jẹ́ sẹ́ǹtì 1.41 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ìrìn ọjọ́ kan lè mú 592 dọ́là wá tàbí kó gbé e lọ lórí àdéhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan dọ́là gbọ́dọ̀ ṣètò kí ìrìn ọjọ́ kan má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ, ìyẹn 10,000 dọ́là. Tó bá fi 592 pín 10,000, yóò rí 16 àti díẹ̀. Yóò ju díẹ̀ yẹn nù, yóò ra 16. Bí ọjà bá wá já dé ojú ìjáde, nǹkan bí 19,000 dọ́là ni yóò lọ, kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ọjà tó ń fò sókè sódò jù bẹ́ẹ̀ lọ, N yóò tóbi, àdéhùn tí yóò rà yóò sì dín kù fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdá méjì, tí kì í ṣe ogún? Nítorí pé àwọn Ìjàpá fúnra wọn ń pàdánù nínú èyí tó pọ̀ jù nínú òwò wọn. Èrè ńlá inú òwò díẹ̀ ló ń bo àdánù kékeré tó pọ̀. Ẹni tó ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa retí àdánù mẹ́wàá léraléra lọ́jọ́ kan. Ká padà sọ́dọ̀ ará Ìbàdàn wa. Tó bá pàdánù ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó sì ń tún ìṣirò ṣe lórí owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, àkọ́kọ́ yóò gba 10,000 náírà, èkejì 9,800, ẹ̀kẹta 9,604, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kéré sí i. Lẹ́yìn ìkẹwàá, nǹkan bí 408,500 náírà ni yóò kù. Ó dunni, àmọ́ èrè náírà méjìlélógún ó lé díẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan yóò gbé e padà síbi tó wà. Ẹni tó fi ìdá ogún wewu nígbà kọ̀ọ̀kan yóò ní 53,700 náírà péré. Owó yẹn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án ó lé kó tó lè padà di 500,000, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà làwọn méjèèjì ná, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà tí wọ́n sì tà.

Dennis tún le ju èyí lọ. Bí Ìjàpá kan tó ní mílíọ̀nù kan bá pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní ṣírò pẹ̀lú 900,000 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kó ṣe bí ẹni tó ní 800,000.

Ohun kan wà tí ìṣirò orí òwò kọ̀ọ̀kan kì í fi hàn. Ẹni tó ra ìpín báńkì márùn-ún, tó sì fi ìdá méjì wewu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè rò pé òwò márùn-ún ni òun ṣe. Lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú bá kan àwọn báńkì, òwò kan ṣoṣo ni, ìdá mẹ́wàá ló sì wà lórí rẹ̀. Nàìjíríà rí i láàárín ọdún 2008 sí 2009, nígbà tí òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà Èkó já láti ohun tó ju 66,000 lọ sí nǹkan bí 20,000. Ìpín báńkì wà lára ohun tí àwọn èèyàn ti yáwó rà jù, gbogbo wọn ló sì jọ lulẹ̀. Àwọn Ìjàpá ní òfin fún èyí: wọn kò gbọdọ̀ gbé ju ìwọ̀n mẹ́rin lọ lórí ọjà kan, wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ lórí àwọn ọjà tó máa ń jọ rìn.

Àìlera tó jinlẹ̀ jù wà nínú ojú ìjáde fúnra rẹ̀. Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ẹnìkan yóò wà níbẹ̀ láti rà á lọ́wọ́ wa ní iye tí a dá. Ní ọjà ìpín Èkó, iye ìpín kan kò gbọdọ̀ já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Bí ó bá já dé ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà, ẹni tó fẹ́ tà yóò jókòó títí di ọjọ́ kejì, yóò sì tún rí i tó ń já. Ní ọjà pàṣípààrọ̀ owó, ìṣòro náà lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni báńkì àpapọ̀ Síwítísáláǹdì kéde pé òun kò ní jẹ́ kí yúrò kan já sísàlẹ̀ fáráńkì 1.20. Fún ọdún mẹ́ta ó lé, àwọn oníṣòwò ń ra yúrò nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, báńkì náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò láìsọ tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò ti já kọjá fáráńkì kan sísàlẹ̀. Ẹni tó máa ra lọ́nà náà kò sí. Ilé iṣẹ́ alágbàtà Alpari ní Lọ́ńdọ̀nù kógbá wọlé, FXCM ní Amẹ́ríkà sì ní láti yá 300 mílíọ̀nù dọ́là, nítorí pé gbèsè àwọn oníbàárà wọn ti ju owó tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ.

Ká fi ìṣirò wa sínú ọjọ́ yẹn. Ẹnìkan ní fáráńkì 1,000, ó ra yúrò ní 1.2010, ojú ìjáde rẹ̀ sì wà ní 1.1960. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ fáráńkì 20, nítorí náà ó ra yúrò 4,000. Kò sí ibi tó ti ṣì í ṣírò. Àmọ́ yúrò 4,000 yẹn tó nǹkan bíi fáráńkì 4,800, ìlọ́po márùn-ún owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́. Alágbàtà ló yá a ní ìyókù. Bí wọ́n bá bá a tà á ní 1.0000, fáráńkì 804 ni yóò lọ dípò 20. Ẹni tó wo iye gbogbo ohun tó gbé dání, lẹ́yìn tó ti ṣírò ìdá méjì rẹ̀ tán, tó wá dín in kù sí yúrò 1,000, ìbá pàdánù fáráńkì 201 lọ́jọ́ náà, fáráńkì 799 ì bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.