ORÚKỌ ÌKÀNNÌ TÍ ETÍ LÈ KỌ SÍLẸ̀

 

Ní oṣù Ààwẹ̀ ọdún 2025, a kéde ní àsàlátù pé fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé àti ti ìdáwó kànga ti wà lórí ìkànnì ilé-kéwú wa. Ẹni tí ó kéde pe orúkọ ìkànnì náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fọ́ọ̀mù mẹ́ta péré ni ó dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa sọ fún mi pé òun tẹ ohun tí òun gbọ́, ojú-ewé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni ó sì ṣí níwájú òun àti ọmọ òun. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Ẹ̀bi àwa tí a yan orúkọ náà ni, èmi gan-an sì wà nínú wọn.

Orúkọ ìkànnì, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní dòméènì, ni àdírẹ́sì tí ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kí ojú-ewé wa tó ṣí. A kì í rà á ní àràpa, a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà 0 sí 9 àti ìlà kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni a máa ń fi kọ ọ́. Kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Lóòótọ́, láti ọdún 2010 ni Íjíbítì, Saudi Arébíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ní èyí tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n fóònù àwọn òbí tí wọ́n ní lẹ́tà yẹn kò pọ̀ láàárín wa.

Orúkọ tí a ń lò nígbà náà ni madrasatunuriddeen.com. Lẹ́tà 18 ni ó wà ṣáájú àmì tó-tò, bẹ́ẹ̀ ni ó bá orúkọ tí ó wà lára pátákó wa mu rẹ́gí. Àwa olùkọ́ nahwu ni a tilẹ̀ takú pé kí ó jẹ́ “nurid”, kí ó má jẹ́ “nurud”, nítorí pé mudaafu ilayhi ni, kasira ni ó sì tọ́ sí i. Ọmọ kíláàsì kejì iidaadii mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó jókòó sí ìdí ọjà kò mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí a fi nahwu dán an wò kí ó tó lè gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí etí ń bá pàdé nínú “Nuurid-Diin” nìkan. Fáwẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ gùn, nítorí náà àwọn kan yóò kọ nur, àwọn kan noor, àwọn kan nuur: mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni u tàbí i: méjì. Laamu shamsiyya ni ó wà níbẹ̀, ó ti wọ inú daal, etí kò sì lè sọ bóyá d kan ni kí a kọ tàbí méjì. Níkẹyìn, deen, din tàbí diin: mẹ́ta. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 3 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3, ọ̀nà 36 ni ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kankan lè gbà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ọ̀kan péré ni ó sì jẹ́ tiwa. A kò tíì fọwọ́ kan “madrasatu” o, èyí tí àwọn kan ń kọ ní madrasa, àwọn mìíràn madrasah tàbí madrasat.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ní ewu tirẹ̀. Ibi tí ṣ bá wà, àwọn kan yóò kọ s, àwọn kan yóò kọ sh, bí a ti ń rí Osogbo àti Oshogbo, Saki àti Shaki lára mọ́tò. Àwa tí a wà ní Ìwó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ “kéwú” náà rọrùn: kò sí ṣ nínú rẹ̀, kò sí fáwẹ́ẹ̀lì gígùn, bí a ti ń pè é ni gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ wa ṣe mú kewuiwo wá.

Ṣùgbọ́n a kò yára sanwó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a pe òbí 12 tí wọ́n wá mú ọmọ wọn, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà, ọmọ kan sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó pe àwọn orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí a ti ń kéde, láìka lẹ́tà. Orúkọ àtijọ́, ẹnì kan ni ó kọ ọ́ bí ó ti yẹ, ìyàwó olùkọ́ sì ni! Kewuiwo, ẹni méje. Nígbà tí a wo bébà àwọn márùn-ún yòókù, kewuwo ni wọ́n kọ. Ẹnu Yorùbá máa ń pa fáwẹ́ẹ̀lì jẹ níbi tí méjì bá ti pàdé, u sì ti gbé i mì. Bàbá kan wá ní kí ni a ṣe tí a kò yí i padà. Iwokewu: lẹ́tà méje náà ni, ṣùgbọ́n k ni ó tẹ̀lé o báyìí, kò sí ohun tí yóò gbé òmíràn mì. Ẹni 11 nínú 12 gbà á. Ẹnì kan tí ó kù fi àlàfo sáàárín, a sì kíyè sí ìyẹn, nítorí bí àlàfo bá wà, fóònù yóò lọ wá ọ̀rọ̀ náà kiri ni, kò ní ṣí ojú-ewé wa tààrà. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi “ẹ pa á pọ̀” kún ìkéde.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orúkọ náà ń bá àwọn wí: “Ìwọ, kéwú!” Bí kò ti sí àmì lórí lẹ́tà, ọ̀kan náà ni ìlú Ìwó àti “ìwọ”. A kò gbèrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi rẹ́rìn-ín kì í gbàgbé.

Ó ku ìdí orúkọ náà. Ní ọdún 2011, ilé-ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Overstock.com, gbìyànjú láti máa jẹ́ O.co. Kò sí ohun tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n O.com ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀, nítorí .com ni ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Láàárín ọdún náà ni wọ́n padà sí orúkọ àtijọ́. Ní Nàìjíríà, àjọ NiRA ni ó ń bójú tó .ng, com.ng sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni a mú, ṣùgbọ́n a gba .com rẹ̀ náà, tí ó ń darí ènìyàn sí ibi kan náà, kí ẹni tí ó bá gbàgbé ng má baà wọ ilé ẹlòmíràn.

A kò tíì fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, owó rẹ̀ ni a sì tún san. Bí owó .com bá tán tí a sì jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́, 30 ọjọ́ péré ni olówó rẹ̀ ní láti fi owó ìtanràn gbà á padà. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 5 sí i, ó di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́ sì ń ṣọ́ irú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Bébà tí a pín ní àwọn ọdún tí ó kọjá ṣì wà lára ògiri àwọn ilé kan. Ẹni tí ó bá ka orúkọ ibẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́, iwokewu ni yóò bá ara rẹ̀.