Nígbà Tí Olùkọ́ Bá Yí Gbọ̀ngàn àti Aago Ẹ̀kọ́ Padà

Ìkéde pé ẹ̀kọ́ kan ti kúrò ní gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn, tí aago rẹ̀ náà sì ti yí, kì í sábà ju ìlà márùn-ún lọ. Olùkọ́ a kọ ọ́ sí aṣojú kíláàsì, aṣojú kíláàsì a sì fi í ṣọwọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àyípadà ṣe ń dé etí akẹ́kọ̀ọ́ nìyí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, nítorí àtẹ àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í tètè yí padà, bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn kì í dúró de ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn gbọ̀ngàn ńlá bíi Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifẹ̀ tàbí Gbọ̀ngàn Trenchard ní Ìbàdàn wà fún ayẹyẹ àti ìpàdé gbogbo yunifásítì. Àwọn gbọ̀ngàn fákọ́tì náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò, ìpàdé àti àlejò. Bí kíláàsì bá jẹ́ ti ogún ènìyàn láti ẹ̀ka kan, olùkọ́ lè fi ẹnu sọ ọ́ kó sì parí síbẹ̀. Kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka púpọ̀ jọ ń ṣe ni ìkéde yìí ti ń di iṣẹ́ gidi.

MTH 101 jẹ́ irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ìpìlẹ̀ ni, àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní láti ẹ̀ka físíìsì, kẹ́místírì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n sì máa ń jókòó pọ̀ gbọ́ ọ. Yúníìtì 2 ni. Yúníìtì kan dúró fún wákàtí 15 ẹ̀kọ́ nínú sáà, nítorí náà wákàtí 30 ni kọ́ọ̀sì yìí ní, èyí tí í ṣe wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Òfin sì wà pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ kí ó tó lè jókòó ìdánwò. Bí ìpàdé bá jẹ́ 15, ẹni tó bá wá sí 12 ti yè é. Ẹni tó wá sí 11 kò tíì dé ibẹ̀. Ààyè ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni akẹ́kọ̀ọ́ ní fún àìsàn, ìrìn àjò àti gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ìkéde kan tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta ààyè náà, láìjẹ́ pé òun ló ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10 sí aago 12, ni MTH 101 máa ń wáyé ní gbọ̀ngàn fákọ́tì sáyẹ́ǹsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì tó 450. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá, ọ́fíìsì fákọ́tì sọ fún olùkọ́ pé àwọn yóò lo gbọ̀ngàn náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùkọ́ ni láti wá gbọ̀ngàn mìíràn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Gbọ̀ngàn lè ṣófo ní wákàtí tí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣófo, ọwọ́ wọn sì lè ṣófo ní wákàtí tí kò sí gbọ̀ngàn kankan tó lè gbà wọ́n. Wákàtí tí ohun méjèèjì bá ti pàdé ni à ń wá, ó sì ṣọ̀wọ́n ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ọ̀sán ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ọdún kìn-ín-ní. Iṣẹ́ láàbù wọn sábà máa ń gba wákàtí mẹ́ta, láti aago 2 sí aago 5, wọ́n sì máa ń pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ nítorí pé láàbù kò lè gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ àkókò gbogbogbòò lè kọ “láàbù kẹ́místírì, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀” láìsọ ọ̀wọ́ tó ń wọlé ní ọjọ́ wo. Aṣojú kíláàsì ló mọ ìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì ẹ̀wẹ̀ ní ìrun Jímọ̀, tí ó gba nǹkan bí wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn aago 12. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àtẹ àkókò a máa yẹra fún un, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń fi ìkánjú wá àyè lè gbàgbé, pàápàá bó bá rí i pé àwọn gbọ̀ngàn ṣófo lásìkò yẹn. Ìrun gan-an ló fà á tí wọ́n fi ṣófo.

Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ bi àwọn aṣojú léèrè kó tó kéde ohunkóhun, kí ìbéèrè rẹ̀ sì ṣe pàtó. Bó bá béèrè pé “Ṣé Ọjọ́bọ̀ rọ̀ yín lọ́rùn?”, aṣojú tó bọ̀wọ̀ fún un yóò dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” nítorí kò rọrùn fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní láti kọ ohun tí olùkọ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè pé, “Ta ló ní láàbù tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ọjọ́bọ̀ láàárín aago 4 sí aago 6?”, ìdáhùn tó wúlò yóò jáde: “Ẹ káàsán, sà. Ọ̀wọ́ kejì wa ní kẹ́místírì ní láàbù ní Ọjọ́bọ̀, aago 5 ni wọ́n ń jáde. Wọ́n tó ogójì, sà.”

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́ báyìí. Ó lè sún ẹ̀kọ́ sí aago 5 kó parí ní aago 7. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ a ti ṣú ní ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà kí aago 7 tó lù ní Oṣù Kẹwàá. Gbọ̀ngàn yóò nílò iná tó dájú, àwọn tó ń gbé ìta ọgbà yóò sì máa wá ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo 450 ni yóò jìyà nítorí ogójì. Ọ̀nà kejì ni pé kí ó bẹ ẹni tó ń bójú tó láàbù kó gba ọ̀wọ́ kejì wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ́ Ọjọ́rú ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, bí àyè bá wà. Èyí ló dára jù. Nígbà tí láàbù ti gbà, tí ọ́fíìsì fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ sì ti kọ orúkọ MTH 101 sínú ìwé gbọ̀ngàn wọn, ìgbà yẹn gan-an ni ìkéde tó kàn. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ẹnu ṣèlérí nìkan kò tíì tó kéde.

Ìkéde náà lè lọ báyìí:

“Sí àwọn aṣojú kíláàsì MTH 101, gbogbo ẹ̀ka. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, aago 10 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn fákọ́tì sáyẹ́ǹsì, kò ní wáyé lọ́jọ́ náà. Ó ti di Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá, aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ńlá fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21, a ó padà sí gbọ̀ngàn àti aago wa. Kí aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá mi lóhùn kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọ̀la Àbámẹ́ta, 11, tó lù pé òun ti fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá.”

Ohun àtijọ́ ló ṣáájú, kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mọ ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Orúkọ ọjọ́ àti déètì sì jọ rìn pọ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣì, èkejì yóò tú u fó. Ibi tí “ọ̀la” ti hàn, orúkọ ọjọ́ àti déètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí kò ṣeé fojú kéré. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ ní alẹ́ Ẹtì lè dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ kì í sì í gbé déètì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ dání. “Ọ̀la” ẹni tó kọ ọ́ a wá di “òní” ẹni tó kà á. Bákan náà ni “àárọ̀” àti “ìrọ̀lẹ́” ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aago. Gbólóhùn “ọ̀sẹ̀ yìí nìkan” ni àwọn olùkọ́ ń gbàgbé jù, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè jù.

Àṣìṣe inú ìkéde tí ó ti jáde kò ṣeé fi àtúnṣe kékeré pa rẹ́. WhatsApp gbà kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí àwọn aṣojú ti fi ránṣẹ́ kì yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin a wá máa ka aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí olùkọ́ kọ ìkéde tuntun tó pé, kó sì sọ ní ìlà àkọ́kọ́ pé ó rọ́pò ti àkókò báyìí ọjọ́ báyìí. Aṣojú náà ní láti fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà ránṣẹ́ bó ṣe wà. Bó bá tún un kọ ní ṣókí, tó ní “Kò sí MTH ní Tuside,” ó ti gé ìdajì rẹ̀ sọnù. Inú ẹgbẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ọ̀rọ̀ àwàdà lè bo ìkéde mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣojú lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè fún ọjọ́ 7.

Àwọn kan wà tí ẹgbẹ́ kankan kò gbà. Àwọn tó ní kárí-ófà, tí wọ́n ti wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta tí wọ́n ń tún MTH 101 ṣe, kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, aṣojú kò sì mọ̀ wọ́n. Àwọn gan-an ni kọ́ọ̀sì yìí ti já kulẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí, àwọn sì ni ẹ̀kọ́ tó bá fò wọ́n yóò dùn jù. Bébà nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn: ọ̀kan lórí pátákó ìkéde ẹ̀ka, ọ̀kan lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn àtijọ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lù olùkọ́ àti déètì. Bébà tí kò ní ìbuwọ́lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà á gbọ́, wọ́n sì jàre.

Ilẹ̀kùn yẹn náà ni olùkọ́ ti lè mọ̀ bóyá ìkéde dé. Kí aṣojú kan dúró síbẹ̀ ní aago 10 ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ìṣẹ́jú 15, kó béèrè ẹ̀ka ẹni tó bá yọjú. Bí ènìyàn márùn-ún bá wá láti ẹ̀ka márùn-ún, kò sí ìyọnu. Bí ọgbọ̀n bá wá láti ẹ̀ka kan, aṣojú ẹ̀ka yẹn kò fi í ránṣẹ́, ohunkóhun tí ì báà ti fèsì, ọjọ́ méjì sì ṣì wà láti tún un ṣe. Bí ó bá di Ọjọ́bọ̀ tí púpọ̀ ṣì kù, ohun tó bá ẹ̀tọ́ mu ni kí olùkọ́ má ka ìpàdé ọ̀sẹ̀ náà mọ́ àwọn tí ìkéde kò dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tó bá ń ṣírò ìdá 75.

Ó ku ìpadàbọ̀. Ìlà kan ní ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá, tó ń rán àwọn aṣojú létí gbọ̀ngàn sáyẹ́ǹsì àti aago 10, ti tó. Kí wọ́n sì já bébà ara ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹni tó bá dé ní ọjọ́ kejì má baà kà á kó tún gba ọ̀nà fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ.