Yíya Òbìrìkìtì Kí A Tó Wo Ìdáhùn



Nínú àwọn ìdánwò tí a fi ń yan ènìyàn sí ipò iṣẹ́, irú ìbéèrè kan wà tí ń da àwọn tí ó kàwé dáadáa láàmú. A ó fún ni ní ọ̀rọ̀ méjì pé kí a gbà wọ́n sí òtítọ́. Lẹ́yìn èyí a ó to ìdáhùn sílẹ̀, a ó sì bèèrè èyí tí ó ti inú ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde dandan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọ̀kan nínú wọn tọ̀ wá wá. Ó ti ṣì í dáhùn, iṣẹ́ tí ó ń wá sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì náà nìyí: Gbogbo akọrin jẹ́ òǹkàwé. Àwọn kan nínú òǹkàwé jẹ́ àgbẹ̀.

A ní kí ó fi ọwọ́ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ó mú lẹ́ẹ̀dì, kí ó sì yàwòrán. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, lò ó nínú àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí ọmọ ọba bìnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1768. Ní 1880 John Venn tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀. Orúkọ yìí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí baba rẹ̀ ni Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., ẹni tí ó dúró ti Samuel Àjàyí Crowther títí a fi fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹ jẹ́ kí a ya òbìrìkìtì ńlá kan fún àwọn òǹkàwé. Níwọ̀n bí gbogbo akọrin ti jẹ́ òǹkàwé, òbìrìkìtì kékeré ti akọrin gbọ́dọ̀ wà nínú ńlá náà pátápátá. Ó wá ku ti àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì sọ pé ó gbọ́dọ̀ wọ inú òbìrìkìtì òǹkàwé. Kò sọ ibi tí yóò wọ̀ dé. Níbí ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a yà á. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a gbé àgbẹ̀ jìnnà sí akọrin bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ti gbà wá láyè tó: ó gé etí òbìrìkìtì ńlá, kò sì kan kékeré rárá. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a gbé e súnmọ́ akọrin bí ó ti lè ṣeé ṣe tó: ó wọlé jinlẹ̀, ó sì bo akọrin mọ́lẹ̀. Àwòrán méjèèjì pa ọ̀rọ̀ tí a fún wa mọ́.

Nísinsìnyí kí a ṣí ọwọ́ kúrò. (A) Àwọn kan nínú akọrin jẹ́ àgbẹ̀. (B) Kò sí akọrin tí ó jẹ́ àgbẹ̀. (D) Àwọn kan nínú òǹkàwé jẹ́ akọrin. Àwòrán kìíní bi A ṣubú. Èkejì bi B ṣubú. D nìkan ni ó dúró nínú méjèèjì. Ohun tí ó bá ṣubú nínú àwòrán kan ṣoṣo kì í ṣe dandan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti mú A. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun mọ akọrin mẹ́ta tí ń dáko. Òótọ́ ni, a mọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò bi wá ní ohun tí a mọ̀. Ó tún sọ fún wa pé òun náà yàwòrán lọ́jọ́ ìdánwò, àmọ́ lẹ́yìn tí òun ti ka A tán. Ìyẹn gan-an ni ó ṣì í lọ́nà. Ẹni tí ó bá ti rí A, àwòrán tí ó gbe A ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ yà, yóò sì dúró síbẹ̀, nítorí ó ti rí ohun tí ó ń wá.

Kí a ṣọ́ra fún “àwọn kan.” Nínú ìdánwò báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, “àwọn kan” ni, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe lè fi òbìrìkìtì àgbẹ̀ bo ti akọrin láìrú òfin. Ohun kan tún wà: bí kò bá sí akọrin kankan láyé, D pàápàá kò lè dúró. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò yìí sábà máa ń gbà pé ẹgbẹ́ tí a bá dárúkọ ní ènìyàn nínú.

Àwọn ìwé ìdánwò mìíràn a máa fi ìdáhùn kan kún un: “yálà A tàbí B.” A kò gbọdọ̀ sáré kọ̀ ọ́ nítorí pé A dá ṣubú, B sì dá ṣubú. Bí a bá wo àwòrán méjèèjì, a ó rí i pé bí àgbẹ̀ kò bá kan akọrin, B jẹ́ òtítọ́. Bí ó bá kàn án, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, A jẹ́ òtítọ́. Kò sí ọ̀nà kẹta. Nítorí náà “yálà A tàbí B” dúró pẹ̀lú D. Ṣùgbọ́n ká ní “Gbogbo akọrin jẹ́ àgbẹ̀” ni wọ́n kọ sí ipò A, kì bá dúró, nítorí òbìrìkìtì àgbẹ̀ lè gé ti akọrin sí méjì, àwọn kan nínú, àwọn kan lóde, kí àwọn méjèèjì sì di irọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.