Òǹtẹ̀ bo nọ́ńbà lórí ìwé sọ́fè: báwo lẹ ṣe máa kà á?

Ká ní ẹnì kan fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan n'Ílaròó. Wọ́n mú fọ́tókọ́pì ìwé sọ́fè wá fún un, àmọ́ òǹtẹ̀ ti jókòó lé ibi tí wọ́n kọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó sí. 6 hàn, 8 hàn, èyí tó wà láàárín wọn ò hàn. Ẹni tó ń tà á ní 698 síkúeà mítà ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó béèrè fún ojúlówó ìwé náà. Fọ́tókọ́pì dúdú-òun-funfun ti sọ yíǹkì òǹtẹ̀ àti lẹ́tà di dúdú kan náà, kò sí bí wọ́n ṣe lè yà wọ́n mọ́. Lórí ojúlówó, tí òǹtẹ̀ bá jẹ́ búlúù, tí nọ́ńbà sì jẹ́ dúdú, kó wò ó láti inú ọ̀rá búlúù tó mọ́ gaara. Òǹtẹ̀ á ṣá, dúdú á ṣì hàn. Òǹtẹ̀ pupa ń fẹ́ ọ̀rá pupa, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: pupa ni wọ́n fi ń fa ààlà ilẹ̀ lórí sọ́fè, òun náà á ṣá lọ. Tó bá sì jẹ́ pé bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀ búlúù, ọ̀rá ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Tí ò bá ṣì hàn, kó wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ká ní ìwé kọ mítà 18 sí ẹ̀gbẹ́ méjì, 36 sí méjì tó kù, tí igun rẹ̀ sì gún régé. 18 lọ́nà 36 jẹ́ 648. Ó bá 6 àti 8 tó hàn mu, 698 ò bá a mu rárá. Àádọ́ta síkúeà mítà ló fi lé. Tí igun ilẹ̀ bá wọ́, ìṣirò yìí ò ṣeé gbára lé.

Tó bá wá ń da ìwé náà kọ, kó má kọ 648 bíi pé ó rí i. Báyìí ni kó kọ ọ́: 6[nọ́ńbà kan, òǹtẹ̀ bò ó]8. Kó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìṣirò ẹ̀gbẹ́ fi 4 hàn. Lẹ́tà tó hàn fìrífìrí, kó fi àmì ìbéèrè sí i. Àwọn tó ń ka ìwé àtijọ́ lókè òkun máa ń fi àmì tóótó sábẹ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àmọ́ tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀, torí o àti ọ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nọ́ńbà òpó ààlà ò ní ìṣirò kankan tó lè gbé e jáde. Tí òǹtẹ̀ bá bo ìyẹn, ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ́fíìsì Sọ̀feyọ̀ Àgbà l'Abẹ́òkúta ló kù kí wọ́n lọ wò.